Sátọ́ọ̀nù Lórí Òṣùpá Yín: Lẹ́tà sí Ẹ̀gbọ́n Kan Tí Oorun Dá Lójú Rẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo ka iṣẹ́ tí ẹ fi ránṣẹ́, mo sì wo ohun tí áàpù ìwòràwọ̀ yẹn kọ sójú fóònù yín. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè tí ẹ fi parí ọ̀rọ̀ yín, torí mo mọ̀ pé òun ló ń gba oorun mọ́ yín lójú. Rárá. Kò sí ohun kan nínú àwòrán ìbí yín, ìyẹn àwòrán bí ọ̀run ṣe rí ní wákàtí tí wọ́n bí yín, tó sọ pé ẹ máa sin ọmọ tàbí ìyá lọ́dún yìí. Kì í ṣe pé mo rí i tí mo ń fi pa mọ́. Àwọn awòràwọ̀ ayé àtijọ́ gbìyànjú láti máa ṣírò ọjọ́ ikú èèyàn, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é pọ̀, èyí kì í sì í bá èyí mu. Awòràwọ̀ tó bá ní ìtìjú kì í dán irú rẹ̀ wò lónìí. Ẹni tó bá ní òun rí i, ẹ bi í léèrè iye tó fẹ́ gbà kó tó bá yín yí i padà. Ibẹ̀ lẹ ti máa mọ irú ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀.

Ohun tí áàpù náà kọ, Saturn conjunct Moon, kò ju èyí lọ: pílánẹ́ẹ̀tì Sátọ́ọ̀nù tó ń rìn lójú ọ̀run báyìí ń bọ̀ wá dé ojú ibi tí òṣùpá wà ní wákàtí tí wọ́n bí yín. Òṣùpá yín wà ní dígírì 10 nínú àmì Àgbò, ọ̀kan nínú àmì méjìlá tí a pín ọ̀run sí, dígírì 30 sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Sátọ́ọ̀nù wọ Àgbò ní àárín oṣù Kejì 2026. Nǹkan bí ọdún 29 àtààbọ̀ ló ń gbà á kó tó yí ọ̀run po lẹ́ẹ̀kan, torí náà ó ti gba ibẹ̀ kọjá rí lójú ayé yín, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin 1997. Ẹ ti sọ fún mi pé ọdún yẹn ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bàbá yín, tí ẹ̀yin ọmọ girama bẹ̀rẹ̀ sí í dáná fún gbogbo ilé kí ẹ tó lọ sílé ìwé. Ẹ wò ó dáadáa. Ẹnikẹ́ni kò kú. Ẹrù àgbà ló bọ́ sí ọmọ lórí, ọmọ náà sì gbé e. Bí Sátọ́ọ̀nù bá fẹ́ bá òṣùpá sọ̀rọ̀, irú èdè tó máa ń sọ nìyẹn.

Nínú iṣẹ́ tiwa, òṣùpá ni ara, oorun, oúnjẹ, ìyá, ilé, àti ohun tí èèyàn ń ṣe láìronú nígbà tí ó bá rẹ̀ ẹ́. Sátọ́ọ̀nù ni àkókò, ààlà, gbèsè àti iṣẹ́ tí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Àwọn Gíríìkì ìgbàanì ní òtútù àti gbígbẹ ni àbùdá rẹ̀. Bí méjèèjì bá pàdé, ohun tí èèyàn ti ń fi ara gbà láìsọ̀rọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo débi tí kò fi ní lè má sọ̀rọ̀ mọ́. Ó máa ń rẹ èèyàn. Èèyàn máa ń dá wà. Ó máa ń dà bíi pé kò sẹ́ni tó bìkítà. Mi ò ní parọ́ fún yín pé ó dùn.

Ẹ bi mí pé kí ló dé tí áàpù náà fi ń pariwo láti oṣù tó kọjá nígbà tí èmi ní kò tíì dé. Ìdí ni pé ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìpàdé náà láti ìgbà tó ku nǹkan bíi dígírì 5, ó sì ń kọ ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́ lójoojúmọ́. Bí ẹ bá ka gbólóhùn tó ń dẹ́rù bani ní ogójì ọjọ́ léraléra, ẹ máa rò pé ogójì nǹkan ló fẹ́ ṣẹlẹ̀. Dígírì kan ṣáájú àti dígírì kan lẹ́yìn ni èmi ń lò fún Sátọ́ọ̀nù. Bí a bá ṣe é bẹ́ẹ̀, ìgbà mẹ́ta ló máa kan òṣùpá yín: ìgbà kìíní ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Karùn-ún 2026, ìgbà kejì lápá ìparí oṣù Kẹwàá, ìgbà kẹta ní ìparí oṣù Kínní 2027. Láàárín wọn, ó máa jìnnà sí i. Tó bá fi máa di àárín oṣù Kejì 2027, ó ti kúrò nínú dígírì kan tí mo sọ yẹn, kò sì ní padà síbẹ̀ fún bí ọdún 29.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló gba ibẹ̀ kọjá ní 1997? Ọdọọdún ni Sátọ́ọ̀nù máa ń dà bíi pé ó ń padà sẹ́yìn fún nǹkan bí oṣù mẹ́rin àtààbọ̀. Kì í padà ní ti gidi. Ilẹ̀ ayé wa ló ń sáré ju ú lọ. Bí ọkọ̀ yín bá ń ya tírélà kan sílẹ̀ lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, tí ẹ bá wo igbó tó wà lẹ́yìn tírélà náà, ẹ máa rí i bíi pé tírélà ọ̀hún ń lọ sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ iwájú ló ń lọ. Lọ́dún yìí, Sátọ́ọ̀nù máa dé bíi dígírì 15 nínú Àgbò ní ìparí oṣù Keje, á yí padà, á fà sẹ́yìn títí dé bíi dígírì 8 ní oṣù Kejìlá, á sì tún kọrí síwájú. Dígírì 10 tiyín bọ́ sáàárín 8 àti 15, òun ló fi jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta. Ní 1997, ibi tó ti fà sẹ́yìn ti kọjá ojú tiyín, ló fi jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ló kàn yín. Ó lè jẹ́ pé ẹni tí ẹ jọ ń gbélé, tí òṣùpá tirẹ̀ wà ní dígírì 20, kò ní mọ ohunkóhun lọ́dún yìí rárá.

Bí ẹ bá fẹ́ fojú ara yín rí i, ẹ jáde sí ẹ̀yìnkùlé lálẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá, kí ẹ wo apá ìlà-oòrùn lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ìmọ́lẹ̀ kan tó pọ́n díẹ̀, tí kì í ṣẹ́jú bí ìràwọ̀ yòókù, ni. Ó jìnnà sí wa ju bílíọ̀nù kan kìlómítà lọ. Kò mọ̀ yín. Kò bínú sí yín. (Ẹ má wá Àgbò lẹ́yìn rẹ̀ o: àmì tí a ń lò nínú ìṣirò àti ìràwọ̀ tí ojú ń rí ti yà fún ara wọn láti ọjọ́ tó ti pẹ́, apá ibi tí ìràwọ̀ Ẹja wà lẹ máa bá a.)

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ọ̀rọ̀ ọmọ yín, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe gidi wà. Áàpù náà sọ pé Sátọ́ọ̀nù máa kọjá nínú ilé karùn-ún yín, ilé ọmọ, ọkàn yín sì pòrúúruù. Ilé ni a ń pe apá méjìlá tí a pín àwòrán ìbí sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì dúró fún apá kan nínú ìgbésí ayé. Mo wo ohun tí ẹ tẹ̀ sínú rẹ̀. Níbi tí ó ti béèrè ìlú ìbí, London lẹ kọ, ibi tí ẹ ń gbé. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí yín sí. Aago kò ṣì pọ̀, torí pé ní àárín oṣù Kẹwàá, kí wọ́n tó dá aago padà lọ́hùn-ún, aago London àti ti Nàìjíríà dọ́gba. Ìdí nìyẹn tí òṣùpá yín kò fi kúrò ní dígírì 10. Àmọ́ àmì tó ń yọ ní ìlà-oòrùn ní wákàtí ìbí kò gbára lé aago nìkan, ó gbára lé bí ìlú náà ṣe jìnnà tó sí agbede méjì ayé. Ní ọ̀sán oṣù Kẹwàá yẹn, àmì Tafàtafà ló ń yọ ní London. Ní Abẹ́òkúta, Ewúrẹ́ ni. Ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ilé ni àmì tó ń yọ. Bí ẹ bá kà á láti Tafàtafà, Àgbò di ilé karùn-ún, ilé ọmọ. Bí ẹ bá kà á láti Ewúrẹ́, Àgbò di ilé kẹrin: ilé àwọn òbí, ilẹ̀, orúlé tí a ń sùn sí abẹ́ rẹ̀. Ìlú kan ṣoṣo tí ẹ tẹ̀ sí i ló gbé ìbẹ̀rù náà láti ọ̀dọ̀ ìyá lọ bá ọmọ. Ẹ tún un tẹ̀ kí ẹ rí i fúnra yín.

Ilé kẹrin yìí bá ohun tí ẹ kọ sí mi mu ju ti ọmọ lọ. Eékún Màmá kò gbé e mọ́. Bọ̀dá wà ní Èkó, kì í gbé fóònù. Àbúrò yín obìnrin ló ń bá Màmá gbé, òun náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn líle sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ń fi 350 pọ́n-ùn ránṣẹ́ lóṣooṣù, ẹnikẹ́ni kò sì lè sọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Sátọ́ọ̀nù kò dá èyíkéyìí nínú nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀. Wọ́n ti wà láti bí ọdún mélòó kan, ẹ kàn ń fi ara gbà á ni.

Ohun méjì wà nínú àwòrán yín tó máa ń jẹ́ kí irú ìkọjá yìí rọ̀ díẹ̀. Èkíní, ọ̀sán ni wọ́n bí yín, oòrùn wà lókè. Láti ìgbà àwọn Gíríìkì la ti ń sọ pé Sátọ́ọ̀nù máa ń ṣe bí àgbà tó ní sùúrù fún ẹni tí wọ́n bí lọ́sàn-án, ó sì máa ń le ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni òru. Èkejì, Sátọ́ọ̀nù ló ni àmì Ewúrẹ́, èyí ni pé òun ni olórí àwòrán yín látòkè délẹ̀. Bí òun bá dé orí òṣùpá yín, kì í ṣe ọ̀tá ló wọlé. Apá tí ẹ fi ń ṣètò, tí ẹ fi ń sọ pé "ó tó gẹ́ẹ́", ló ń bá apá tí ẹ fi ń káàánú sọ̀rọ̀. Mo máa ń fi ojú èyí wo àwòrán ju ojú ìbẹ̀rù lọ, bí àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa tilẹ̀ máa ń sọ pé mò ń bu ṣúgà sí i.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nìyí, kí ẹ sì tẹ̀ lé bí ìkọjá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe tò.

Ní oṣù Karùn-ún, nǹkan máa ń fara hàn ni, kì í tíì yanjú. Ẹ má ṣe ìpinnu ńlá nígbà yẹn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nìkan. Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ fà á sọ́nà mẹ́ta: iṣẹ́ tí Màmá nílò, ẹni tó ń ṣe é báyìí, iye owó tàbí wákàtí tó ń gbà. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ta ló ń rà á, èló ni? Ta ló ń gbé Màmá lọ sí ọsibítù? Ta ló ń fọṣọ? Àbúrò yín ni kí ó ràn yín lọ́wọ́ láti kún un, nítorí òun ló wà nídìí ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá dá a kọ láti London, ìwé ẹ̀sùn ló máa dà lójú rẹ̀. Mo fọwọ́ sọ̀yà pé orúkọ yín àti ti àbúrò nìkan ló máa kún ọ̀nà kejì. Ẹ má tíì fi han Bọ̀dá.

Láti oṣù Kẹfà dé oṣù Kẹsàn-án, ẹ dán ètò kékeré kan wò. Ẹ pín 350 náà sí méjì: kí apá kan máa lọ tààrà sọ́dọ̀ obìnrin tó ń ta oògùn, kí ìyókù máa lọ fún àbúrò, kí ẹ sì sọ fún un kedere pé iye kan nínú rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀, owó ọwọ́ rẹ̀, pé kò ní ṣírò rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Èyí ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń gbàgbé. Ẹni tó ń tọ́jú àgbà, tí a kò fún ní kọ́bọ̀ tirẹ̀, máa di ẹni tó ń pariwo, a ó sì máa pè é ní aláìmoore. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá bá Bọ̀dá sọ̀rọ̀. Ẹ má sọ pé kó máa ràn yín lọ́wọ́, torí "ràn wá lọ́wọ́" kò ní iye. Ohun kan pàtó ni kí ẹ gbé lé e lọ́wọ́, bíi gbogbo ìnáwó ọsibítù, tàbí pé kó máa wá sí Abẹ́òkúta ní Sátidé kan lóṣù.

Ìparí oṣù Kẹwàá ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ jù lọ. Nígbà tí Sátọ́ọ̀nù bá ń fà sẹ́yìn kan òṣùpá, ohun tí ẹ rò pé ẹ ti tò máa ń tú. Bọ̀dá lè má wá ní Sátidé méjì léra. Àbúrò lè ní òun ń lọ. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn èèyàn níbí yìí ni pé wọ́n á fi ìbínú alẹ́ kan já gbogbo okùn: wọ́n á kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n á ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n á gbé ìyá wá sí ìlú òtútù láìmúra sílẹ̀, tàbí kí wọ́n dá owó dúró pátápátá. Nígbà tó bá máa fi di oṣù Kejì, wọ́n á máa wá bí wọ́n ṣe máa tún un ṣe. Bí ìrònú bẹ́ẹ̀ bá dé, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kan náà, kí ẹ sì fi ọjọ́ sí i. Ẹ ò ní ṣe é títí ìkọjá kẹta á fi parí. Ohun tó bá ṣì mọ́gbọ́n dání ní àárín oṣù Kejì 2027, ẹ ṣe é nígbà náà. Ìkọjá kẹta ni ìgbà tí a máa ń fọwọ́ sí nǹkan: àdéhùn láàárín ẹ̀yin ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹni tí ẹ máa gbà síṣẹ́ fún Màmá, ìwé ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ mẹ́nu bà.

Ẹ tún béèrè nípa ọdún méje àtààbọ̀ tí ẹ kà níbì kan. Ti àwọn ará Íńdíà nìyẹn, Sàdé Sàtì ni wọ́n ń pè é. Sátọ́ọ̀nù nínú àmì tó ṣáájú ti òṣùpá, nínú ti òṣùpá fúnra rẹ̀, àti nínú èyí tó tẹ̀ lé e, ni wọ́n máa ń kà pọ̀. Ìṣirò àmì tiwọn yàtọ̀ sí tiwa ní nǹkan bíi dígírì 24, nítorí náà, lọ́dọ̀ wọn, inú Ẹja ni òṣùpá yín wà, ẹ sì ti wà nínú ọdún méje àtààbọ̀ ọ̀hún láti ìbẹ̀rẹ̀ 2023. Ẹ ti lò ju ọdún mẹ́ta lọ nínú rẹ̀ láìmọ̀. Ẹ má da ètò méjèèjì pọ̀, ohun tó máa tìdí rẹ̀ yọ kò ju pé kí ẹ bẹ̀rù lẹ́ẹ̀mejì. Òkúta búlúù tí ọkùnrin orí íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn fẹ́ tà fún yín, tó ní ó máa rọ Sátọ́ọ̀nù lójú, ẹ fi owó rẹ̀ ra kẹ̀kẹ́ arọ tó dára fún Màmá.

Ọ̀rọ̀ ara yín wá kù. Ẹ ní ẹ kì í sùn ju wákàtí mẹ́rin lọ, oúnjẹ kò wọlé, ẹ sì ń sunkún nínú bọ́ọ̀sì. Mo lè sọ pé àpẹẹrẹ Sátọ́ọ̀nù lórí òṣùpá nìyẹn, èmi náà rí i bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí ó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, dókítà yín ló ni ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe èmi. Ẹ ní kó yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, kó wò ó bóyá èròjà áyọ́ọ̀nù inú rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, kó wo ọrùn yín, kí ẹ sì sọ ti ẹkún náà fún un bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi. Ní 1985, Shawn Carlson tẹ àbájáde ìdánwò kan jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature: wọ́n ní kí àwọn awòràwọ̀ so àwòrán ìbí mọ́ ìwà àwọn tó ni ín, wọn kò sì ṣe é ju ẹni tó ń méfò lásán lọ. Mo ń sọ èyí fún gbogbo oníbàárà mi. Iṣẹ́ yìí dára fún ríronú sí àkókò àti fún bíbéèrè ìbéèrè tó yẹ. Kò lè rí àìtó ẹ̀jẹ̀.

Ohun kan ṣì wà tí mo nílò lọ́wọ́ yín. Ẹ ní Màmá sọ pé wọ́n ń pe ìrun ọ̀sán lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bí yín. Mo lo aago 12:45. Bí ó bá jẹ́ wákàtí kan lẹ́yìn ìyẹn ni, òṣùpá yín máa sún ní bíi ìdajì dígírì, àwọn ọjọ́ tí mo kọ sókè á sì yẹ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ kan péré, ìyẹn kò ní nǹkan ṣe. Àmì tó ń yọ ni ìṣòro, torí dígírì kan ló ń lọ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin-mẹ́rin. Ní wákàtí kan, Ewúrẹ́ lè ti parí kí Apọnmi sì ti bẹ̀rẹ̀, Àgbò á sì di ilé kẹta, ilé àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Ẹ pe Màmá ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí eékún kò bá dùn ún púpọ̀. Ẹ má bi í pé aago mélòó. Ẹ bi í bóyá bàbá ti kírun tán kí wọ́n tó wá pè é, bóyá àwọn ọmọ iléèwé ti ń darí bọ̀ wálé, àti bóyá nọ́ọ̀sì kọ nǹkan kan sínú káàdì. Bí káàdì náà bá ṣì wà, kí àbúrò ya fọ́tò rẹ̀ ní ojú méjèèjì.

Èmi ni,
Awòràwọ̀ yín